Lẹ́tà sí Ilé-Iṣẹ́ Onínáílọ́ọ̀nù: Ọjà Díẹ̀, Àwìn Ọlọ́jọ́ Gígùn

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò ló kéré jù.” Ẹni tó bá ń di gaàrí sínú ọ̀rá tó ní orúkọ tirẹ̀ lára ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí lẹ́nu àwọn tó ń tẹ ọ̀rá. Èkejì rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù kí ọjà tó jáde ní géètì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà pé ọjà kò tà, pé ìlú le, pé kí ọ̀gá ṣàánú. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń bá ara rẹ̀ lábẹ́ ìwé mìíràn lórí tábìlì máníjà, kì í sì í ṣe pé máníjà náà burú. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè gbé lọ bá akáùntáǹtì. Lẹ́tà tí orí yìí ń kọ́ni jẹ́ èyí tí máníjà lè fi ṣe ìṣirò. Oníṣòwò kan ṣoṣo ni a ó bá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye owó ọjà tí a ó lò, ti àpẹẹrẹ ni. Kí olúkúlùkù fi ti ọdọ̀ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń di gaàrí Ìjẹ̀bú ní kílò kọ̀ọ̀kan. Ó ń tà tó 4,000 lóṣù. Ọ̀rá kan ṣoṣo wọn gíráàmù 10, ìyẹn ni pé 100 ọ̀rá ló wà nínú kílò náílọ́ọ̀nù kan, 40 kílò ló sì ń lò lóṣù. 500 kílò tí wọ́n ń ní kó rà jẹ́ 50,000 ọ̀rá, tó máa lò fún oṣù 12 àti ààbọ̀. Ní ₦5,000 fún kílò kan, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ló ń lọ dúbúlẹ̀ sí sítọ̀ọ̀. Bí ìlànà ohun tó yẹ kí ó wà lára ọ̀rá bá yí padà, tàbí tí nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, tí wọ́n máa ń tún gbà lẹ́yìn ọdún 5, bá mú àyípadà wá, iye tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ di pàǹtí.

Kí ó tó mú bírò, ó ní ohun méjì láti mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìdí tí wọ́n fi ní 500.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irú ọ̀rá yìí ń lo sílíńdà irin tí wọ́n fi bàbà bò, tí wọ́n sì fín àwòrán sí lára. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní sílíńdà tirẹ̀. Ọ̀rá aláwọ̀ mẹ́rin, sílíńdà mẹ́rin. Oníbàárà ló sábà máa ń sanwó sílíńdà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kì í ṣe òun ló ń fa wàhálà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀. Ìpalẹ̀mọ́ ni. Wọ́n á fọ àwọ̀ tó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé sílíńdà tuntun sí i, wọ́n á da àwọ̀ tuntun, wọ́n á wá máa yí ẹ̀rọ títí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi jókòó lé ara wọn láìyẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó bá kọjá kí ó tó jókòó dáadáa, wọ́n á kó o dànù ni. Iṣẹ́ yìí kan náà ni, ìbáà jẹ́ 50 kílò ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ tàbí 5,000. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dín iye kù láìsọ ẹni tó máa gbé owó ìpalẹ̀mọ́, owó ẹlòmíràn ló ń tọrọ láìmọ̀.

Ọgbọ́n kékeré kan wà láti mọ iye tí ìpalẹ̀mọ́ náà jẹ́, bí ilé-iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Kí a béèrè iye owó kílò kan ní òṣùwọ̀n méjì: “Èló ni bí a bá gba 500? Èló ni bí a bá gba 250?” Ká ní wọ́n dáhùn pé ₦5,000 àti ₦5,300. Owó ìpalẹ̀mọ́ kan náà ni wọ́n pín sí ọ̀nà 500 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì pín sí ọ̀nà 250 lẹ́ẹ̀kejì. Bí kílò bá di ìdajì, ìpín orí kílò kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, nítorí náà ₦300 tó lé yẹn gan-an ni ìpín rẹ̀ nígbà tó jẹ́ 500. Ìlọ́po 500 ní 300 jẹ́ ₦150,000. Owó ìpalẹ̀mọ́ rèé. Bí ó bá wá jẹ́ 150 kílò ni wọ́n tẹ̀, ₦1,000 ló máa kan kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦700 lé ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń bu èrè mìíràn lé iye tí wọ́n ń pè fún ọjà kékeré, èyí sì lè mú kí ìṣirò yìí ga ju òótọ́ lọ díẹ̀. Síbẹ̀ ó sàn ju kí a máa sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn.

Ohun kejì ni iye tí òun fúnra rẹ̀ lè fi kún un tí kò ní pa á lára. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń kánjú kọjá. Bí ó bá ra 500 kílò lẹ́ẹ̀kan, owó tó há sínú náílọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní ₦2,500,000, ó sì ń dín kù bí ọ̀rá ṣe ń tán, nítorí náà ìdajì rẹ̀, ₦1,250,000, ni ká ní ó há ní gbogbo ọdún náà. Bí owó èlé bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn 2.5 lóṣù, owó tó há yìí ń jẹ ₦31,250 lóṣù. Bí ó bá jẹ́ 150 kílò ní ₦5,400 ló rà, ₦810,000 ni gbogbo rẹ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦405,000, èlé orí rẹ̀ lóṣù sì jẹ́ nǹkan bíi ₦10,000. Ó jèrè ₦21,000 lóṣù. Pín in fún 40 kílò tó ń lò, ó kọjá ₦500 díẹ̀ lórí kílò kan.

Níbi yẹn ni òpin agbára rẹ̀ wà. Bí ó bá gbà láti san gbogbo ₦700 tí ìpalẹ̀mọ́ fi lé e, ọjà kékeré náà ti wọ́n ju ọjà ńlá lọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa dà bíi pé ara tù ú. Ìdí kan ṣoṣo tó lè fi san tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò rí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ rárá, tàbí pé ó mọ̀ pé ohun tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ máa yí padà láìpẹ́. Nínú lẹ́tà, ₦400 ló máa kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, á sì wá ìyókù ní ọ̀nà mìíràn: kí ó yọ àwọ̀ kan kúrò kí sílíńdà tí wọ́n máa gbé sórí ẹ̀rọ lè dín, kí ó sì gbà kí wọ́n tẹ tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí náílọ́ọ̀nù tí ìbú rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ohun kejì yìí kò ná an ní kọ́bọ̀ bí kò bá dúró dìgbà tí ọ̀rá tán nílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwìn. Àkọlé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìsọ̀, pé kò sí àwìn lónìí, ó di ọ̀la, kò sí lára ògiri ilé-iṣẹ́ onínáílọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ó wà lọ́kàn akáùntáǹtì wọn, ó sì nídìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 27, iye tí báńkì fi ń yá oníṣòwò sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èlé, hóró tí wọ́n ń yọ́ di náílọ́ọ̀nù ń bá dọ́là rìn, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀ ní Eleme ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní ọjà ìjọba ti kọjá ₦1,500 nínú oṣù kejì ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ tó tajà láwìn nígbà náà gba owó tí kò lè ra iye hóró tó lò mọ́.

Síbẹ̀, oníṣòwò gaàrí yìí ní ọ̀rọ̀ kan tó lè sọ tó máa mú kí akáùntáǹtì gbójú sókè. Ọ̀rá tí wọ́n bá ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí kò wúlò fún ẹlòmíràn. Bí ó bá san ìdá 70, tí wọ́n tẹ 500 kílò tán, tí kò sì padà wá, ọjà ₦750,000 tí a kò sanwó rẹ̀ ni yóò wà nílẹ̀ wọn, wọn ò sì ní rí ẹni tà á fún àfi àwọn tó ń lọ náílọ́ọ̀nù àlòkù. Ewu tí wọ́n ti ń gbé nìyẹn, kódà nígbà tí wọ́n rò pé àwọn kò ta àwìn. Bí ó bá jẹ́ 150 kílò ni, tí ó san ìdajì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ₦405,000 ni gbèsè tó pọ̀ jù tó lè wà lọ́rùn rẹ̀. Iye ọjà tó kéré ló ń mú kí àwìn rọrùn láti fún un. Ìdí nìyí tí ìbéèrè méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà kan náà: bí ó bá béèrè àwìn lónìí tí ó sì béèrè ìdínkù ní oṣù tó ń bọ̀, kò ní rí àǹfààní yìí lò.

Ọjọ́ tó máa dá náà kì í ṣe èyí tí a fà láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń gba gaàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ń sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 14. Owó ọ̀rá tó wà nínú gaàrí tó ń tà lóṣù jẹ́ ₦54 lọ́nà 4,000, ìyẹn ₦216,000. Ohun tó bá tà ní ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ti di owó lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá di ọjọ́ 45, tí ọgbọ̀n ọjọ́ kejì á sì ti wọlé tó bá di ọjọ́ 75. Bí ó bá pín ₦405,000 sí méjì, ₦202,500 ní ọjọ́ 45 àti iye kan náà ní ọjọ́ 75, gaàrí fúnra rẹ̀ ló máa san án. Ibi tó máa fún un ni àsansílẹ̀ ìtẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó gbọ́dọ̀ san ní nǹkan bí ọjọ́ 90 kí ọ̀rá má bàa tán. Nígbà yẹn, nǹkan bíi ₦150,000 péré ló máa ṣẹ́ kù nínú owó ọ̀rá, ìyókù á sì ti inú àpò rẹ̀ wá. Kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Lẹ́tà náà rèé. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, máníjà tó ń tajà àti akáùntáǹtì ni wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ lè gbà láti dín kílò kù ṣùgbọ́n kò láṣẹ lórí àwìn. Bí wọn kò bá gbọ́ Yorùbá, èrò inú rẹ̀ ni kí a gbé lọ sí èdè tí wọ́n gbọ́, kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ má yí padà.

“Sí Máníjà Ọjà Títà àti Akáùntáǹtì Àgbà.

“Ọ̀rọ̀ nípa títẹ 150 kílò lẹ́ẹ̀kan, àti sísan ìdajì owó ní ọjọ́ 45 àti ọjọ́ 75.

“Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Láti ọdún 2022, ẹ ti tẹ ọ̀rá gaàrí oníkílò kan fún wa lẹ́ẹ̀mẹta, 500 kílò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ti san gbogbo owó náà pé kí ọjà tó jáde. Ẹ̀dà àwọn risíìtì náà wà lẹ́yìn ìwé yìí.

“Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹ máa tẹ 150 kílò fún wa lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Kí a san ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a san ìdá mẹ́rin kan ní ọjọ́ 45, kí a sì san ìdá mẹ́rin tó kù ní ọjọ́ 75, láti ọjọ́ tí ọjà bá dé ọwọ́ wa.

“A mọ̀ pé iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀rọ kò dín kù nítorí pé ọjà dín kù. Nítorí náà, a ó san ₦5,400 lórí kílò kan dípò ₦5,000. A ó yọ àwọ̀ wúrà tó wà ní etí ọ̀rá kúrò, kó ku àwọ̀ mẹ́ta. A ó sì fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè fi tiwa sí ìgbà tó bá rọ ẹ̀rọ yín lọ́rùn.

“Ní ti gbèsè: bí ẹ bá tẹ 500 kílò fún wa lónìí, ọjà ₦750,000 tí a kò tíì san ni yóò wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú orúkọ wa lára rẹ̀. Nínú ètò tuntun yìí, gbèsè wa kò ní ju ₦405,000 lọ nígbà kankan, a kò sì ní béèrè ìtẹ̀ mìíràn nígbà tí ti ìṣáájú bá ṣì wà lọ́rùn wa. Bí owó hóró bá yí padà láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì, ẹ lè tún iye owó kílò sọ fún wa kí a tó san àsansílẹ̀.

“Kí ìtẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Bí a bá pẹ́ san lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dá wa padà sí ètò àtẹ̀yìnwá. Ọ̀rá tó wà nílẹ̀ wa máa tó wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí i. A ó dúpẹ́ bí a bá rí èsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.”

Kò sí ibi tí lẹ́tà yìí ti sọ pé ìlú le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n dárúkọ ní ìparí sì kì í ṣe àṣìsọ: ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ máa tán lọ́la kò ní agbára láti dúnàádúrà, ilé-iṣẹ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó lanu.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi fún wọn ní ṣẹ́ẹ̀kì tí ọjọ́ rẹ̀ wà níwájú, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kí ó rọra ṣe é. Láti ọdún 1977 ni òfin Nàìjíríà ti sọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò bá ní owó nínú di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi ẹni tó kọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Gbèsè ṣọ́ọ̀bù kan tó pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kò yẹ kó gbé ẹnikẹ́ni dé ilé ẹjọ́.

Èsì tó sábà máa ń wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n lè ní, “Ẹ gba 300.” Kí ó tún ìṣirò òkè yẹn ṣe pẹ̀lú 300 kí ó tó dáhùn, ìpalẹ̀mọ́ á jẹ́ ₦500 lórí kílò, ₦200 péré lé ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè sàn fún un ju bó ṣe rò lọ, pàápàá bí wọ́n bá fún un ní àwìn tó béèrè. Wọ́n tún lè ní kí wọ́n tẹ 500 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n bá a kó o pamọ́, kí ó máa gbà á ní ìdá mẹ́ta, kí ó sì máa san ti èyí tó bá gbé. Ìpalẹ̀mọ́ kan ṣoṣo ni fún wọn, owó rẹ̀ kò sì há. Ohun tí kò yanjú ni ewu pé ohun tó wà lára ọ̀rá lè yí padà, kí ó sì bi wọ́n léèrè ẹni tó máa ru àdánù bí eku tàbí òjò bá ba ọjà náà jẹ́ ní sítọ̀ọ̀ wọn.

Bí wọ́n bá gbà, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kí àsansílẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ọjọ́ tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀: ilé-iṣẹ́ máa ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé owó, ọjà sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n tún kọ ọ́ pé sílíńdà jẹ́ ti oníbàárà, pé ó lè kó wọn lọ bí òwò bá parí. Àti pé iye kílò tó dé gan-an ni ó máa sanwó rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń tẹ náílọ́ọ̀nù kì í sábà bá 150 pàtó. Ó lè jẹ́ 140, ó lè jẹ́ 163.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó ṣọ́ra fún: kí ilé-iṣẹ́ má mú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ojú kò ní tètè rí i, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n á rí i. Kí ó ka 100 ọ̀rá láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹrù náà, kí ó sì wọ̀n wọ́n. Bí ó bá jẹ́ 850 gíráàmù ni ọgọ́rùn-ún kan wọn dípò kílò kan, ọ̀rá púpọ̀ ló rí gbà fún owó rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí tí wọ́n fi iná lẹ̀ lè máa là nígbà tí wọ́n bá to gaàrí lé ara wọn nínú ọkọ̀. Kí ó kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé, kí ó ya àwòrán òṣùwọ̀n, kí ó sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ọjọ́ 45 nígbà tí owó bá pé, torí pé nígbà yẹn àwáwí ẹni tí kò fẹ́ sanwó ni wọ́n máa kà á sí.

Lẹ́yìn ìtẹ̀ kejì, bí ìsanwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti bọ́ sí ọjọ́ wọn, ó lè kọ ìwé mìíràn tí kò ju ìlà márùn-ún lọ, kí ó sọ ọjọ́ tí ó san ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè pé kí àsansílẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ìdajì sí ìdá mẹ́ta kan.